Ìlà Pupa Tí Mo Fà Ṣáájú Ọjọ́

Èmi ni mo fa ìlà yẹn. Kí n tó sọ ohun tí Ìyá Láníyì ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé mo fi ẹ̀bi ara mi pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíì.

Ọdún 1984 ni, ní Ọ̀wọ̀, nínú ẹgbẹ́ èsúsú wa ní Ọjà Ọba. Ogún obìnrin ni wá. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kálukú á mú náírà mẹ́wàá wá sí ìsọ̀ aṣọ Ìyá Láníyì, ẹni tó jẹ́ olórí wa. Gbogbo rẹ̀ á di igba náírà, ẹnì kan ṣoṣo á sì kó o lọ. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa dá a lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi kárí ogún wa, ká tó tún bẹ̀rẹ̀. Olórí ló ń kọ́kọ́ gbà, akọ̀wé ló ń gbà kẹ́yìn. Èmi sì ni akọ̀wé. Wọ́n ní akọ̀wé tó bá tètè gbà, ìwé á sú u, ṣùgbọ́n ẹni tí owó tirẹ̀ ṣì wà níwájú kò ní jẹ́ kí ìwé bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó fọkàn tán èèyàn.

Ọmọ Ọ̀ka Àkókó ni mí. Iṣẹ́ ìjọba tí ọkọ mi Rufus ń ṣe ló gbé wa dé Ọ̀wọ̀. Mònííkà ni orúkọ mi, wọ́n sì ń pè mí ní Ìyá Bọ́lá. Gàrí àti ẹ̀wà ni mò ń tà, níwájú ìsọ̀ Ìyá Láníyì kan náà, torí òun ló fún mi láyè nígbà tí mi ò mọ ẹnì kankan nílùú. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ní ilé ìwé àwọn Kátólíìkì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Mi ò ní torí ìrẹ̀lẹ̀ parọ́.

Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni mo fi ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan, ojú ewé kan. Mo máa kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó máa gbà sókè, màá wá to orúkọ ogún wa sísàlẹ̀. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, mi ò kọ náírà mẹ́wàá lásán. Mo ń kọ irú bébà tí onítọ̀hún mú wá: bóyá ẹyọ náírà mẹ́wàá kan ni, bóyá márùn-ún méjì ni, bóyá náírà kọ̀ọ̀kan mẹ́wàá ni. Ìjà owó tó ya ló kọ́ mi. Adéfúnkẹ́ tó ń ta tòmátì ti mú bébà tó fàya wá rí, nígbà tí ẹni tó gbà á gbé e dé, Adéfúnkẹ́ ní òun kọ́. Látọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ọ́. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ní pẹ́ tí màá fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òórùn owó.

Tí ẹni tó kàn bá ti gba igba náírà rẹ̀ tán, màá fi báírò pupa fa ìlà sísàlẹ̀ ojú ewé, màá kọ "Ó ti gbà" sí i. Ìyẹn túmọ̀ sí pé owó ti dé ọwọ́ olówó. A sì ní òfin kan tí gbogbo wa mọ̀: ojú ewé kì í ṣí sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì. Ìlà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ kí a tó tú ká.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, Fàúsátù ló kàn. Ata gbígbẹ ló ń tà, ó sì ti ń tọrọ owó yìí lọ́wọ́ Ọlọ́run láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọta. Ọkùnrin kan tó fẹ́ ta tirẹ̀ ti ní kó san igba náírà, kó gbé e lọ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ránṣẹ́ láti Okeluse pé ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn Mùsùlùmí kì í sì í pẹ́ sin òkú. Fàúsátù sáré wá bá mi, ó ka náírà kọ̀ọ̀kan mẹ́wàá sí mi lọ́wọ́.

"Ìyá Bọ́lá, tèmi rèé. Ẹ bá mi fi ìyókù pa mọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Tí mo bá dé, màá gbà á."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa dá a pé. Mo ka igba náírà lójú ogunlọ́gọ̀. Ìyá Láníyì na ọwọ́, ó kó o sínú àpò owó aṣọ rẹ̀.

"Fa ìlà ẹ," ló wí.

Mo ní, "Màmá, ẹni tó ni ín kò tíì gbà á."

"Ṣé mo máa sá lọ ni? Èmi ni màá fún un tó bá dé. Àbí o fẹ́ kí ojú ewé ṣí sílẹ̀ sùn? Fa ìlà ẹ, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo rántí àyè tó fún mi. Mo mú rúlà, mo mú báírò pupa, mo fa ìlà, mo sì kọ "Ó ti gbà" sábẹ́ orúkọ obìnrin tó ń sin òkú lọ́wọ́ ní Okeluse. Ìlà náà gún régé. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé mo fara balẹ̀ fà á.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Adéfúnkẹ́ gba tirẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì Àjíǹde, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìjọba ológun ní àwọn ti yí àwọ̀ owó padà. Gbogbo bébà náírà tó wà lọ́wọ́ aráyé, kí wọ́n gbé e lọ sí báńkì kó tó di ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di bébà lásán. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fún wa. Àwọn èèyàn sùn sẹ́nu ọ̀nà báńkì. A ní kí a dá èsúsú dúró ní Sátidé méjì, torí pé owó tuntun kò tíì kárí.

Ojoojúmọ́ ni mò ń rí Ìyá Láníyì tó ń gbé àpò lọ sí báńkì, tó tún ń gbé e bọ̀. Owó rẹ̀ pọ̀, ìlà èrò sì gùn. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Màmá, owó Fàúsátù ńkọ́?"

"Ó wà níbi tó wà," ló dá mi lóhùn.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bi í. Ó yẹ kí n bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Fàúsátù kò padà kíákíá torí ibà dá a dùbúlẹ̀ ní Okeluse lẹ́yìn ìsìnkú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ owó náà lórí ẹní àìsàn, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ń rò ó pé owó òun wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ṣé ẹgbẹ́ á wá sùn ni? Ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí báńkì ti ilẹ̀kùn lórí owó àtijọ́ ló dé. Ilé Ìyá Láníyì ló kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ló gbà wá sọ́dọ̀ mi.

Ó da ìdì owó kan sórí gàrí mi. Owó àtijọ́ ni.

"Màmá ní igba náírà mi rèé," ló wí. "Wọ́n ní láti ọjọ́ kẹrìnlá ló ti di tèmi, àwọn kàn ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ni. Wọ́n ní tí mi ò bá wá pààrọ̀ rẹ̀, kí n lọ bi orí mi. Wọ́n ní ìwé yín sọ pé mo ti gbà á."

Mi ò lè gbójú sókè.

"Ṣé ìwé yín sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá Bọ́lá?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé mo gbà á?"

"O ò gbà á."

Kò sunkún. Ì bá sunkún, ì bá sàn fún mi. Ó kàn ń fi ìka kó gàrí kúrò lára owó tí kò wúlò mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó wo owó náà dáadáa. Bébà ogún náírà mẹ́wàá ni. Gbogbo rẹ̀ mọ́, kò rún rárá, bíi pé ẹnì kan ló san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àyà mi já, inú mi sì dùn, méjèèjì pa pọ̀. Mo fa ìwé yọ lábẹ́ àpótí, mo ṣí i sí ọjọ́ kẹrìnlá. Àwọn mẹ́rìnlá mú bébà náírà mẹ́wàá wá. Àwọn márùn-ún mú náírà márùn-ún méjì-méjì. Fàúsátù fúnra rẹ̀ mú náírà kọ̀ọ̀kan mẹ́wàá. Kò sí ogún náírà kankan níbẹ̀. Ta ló ń fi ogún náírà dá èsúsú náírà mẹ́wàá? Owó Fàúsátù ti wọ inú ọjà aṣọ lọ. Èyí tí Ìyá Láníyì kó fún un ni èyí tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ nígbà tí báńkì ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Láníyì náà kò ya òpè. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbọ́ pé mo ṣí ìwé. Ó pè mí wọlé sáàárín àwọn aṣọ rẹ̀, ó sọ ohùn rẹ̀ di jẹ́jẹ́.

"Mònííkà, ya ojú ewé yẹn. Kọ òmíràn. Orúkọ, náírà mẹ́wàá mẹ́wàá, kí o sì fa ìlà ẹ. Ta ló tiẹ̀ bẹ̀ ọ́ pé kí o máa kọ irú bébà?"

"Màmá, mi ò lè ya á."

"Ìwọ lo fa ìlà. Tí o bá sọ pé irọ́ ni, ta ló máa gba ìwé ẹ gbọ́ mọ́?" Ó tẹ́ aṣọ kan, ó ká a. "Àyè tí o jókòó sí yẹn, ti mọ̀lẹ́bí ọkọ mi ni. Má gbàgbé."

Mi ò gbàgbé. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Rufus. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni ọkọ mi, ó sì fẹ́ràn kí ilé rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ní ká rọra wá owó náà, ká fún Fàúsátù ní bòńkẹ́lẹ́, kí ọ̀rọ̀ tán. Ó ní ọmọ Àkókó kì í bá ọmọ onílẹ̀ jà ní Ọjà Ọba.

"Tí mo bá san án ní bòńkẹ́lẹ́," mo ní, "ìlà yẹn á di òótọ́. Mi ò ṣe."

Inú ń bí mi sí Ìyá Láníyì, ó sì ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù náà bà mí. Láti oṣù kìíní ni mo ti ń dúró de owó tèmi, Bọ́lá fẹ́ wọ ilé ìwé gíga, tí wọ́n bá sì lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́, ta ni màá bi? Àmọ́ Fàúsátù kò ní ẹlẹ́rìí míì lágbàáyé yàtọ̀ sí ìwé yẹn, ìwé yẹn ló sì ń pa á.

Ní Sátidé ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún, ẹgbẹ́ tún jókòó. Mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni pè mí. Mo dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ìlà tó wà lábẹ́ orúkọ Fàúsátù, irọ́ ni. Èmi ni mo fà á. Fàúsátù wà ní Okeluse nígbà tí mo kọ ọ́ pé ó ti gbà. Màmá ní kí n fà á, mo sì fà á, torí mo ń wo ojú wọn. Ẹ̀bi mi ni."

Gbogbo ibẹ̀ dà rú. Adéfúnkẹ́ bọ́ síwájú, ó nàka sí mi.

"Irọ́ lo ń kọ sínú ìwé tí à ń fọkàn tán? Èló lo ti kọ báyìí?"

"Ẹyọ kan. Èyí ni."

Ìyá Láníyì rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sí èdè Ọ̀wọ̀ pọ́nbélé, kí ó lè yé gbogbo wọn pé ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ni, lẹ́yìn náà ló tún padà sí èyí tí èmi náà á gbọ́ yékéyéké. "Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìwé òun parọ́. Ẹni tí ìwé rẹ̀ parọ́, kí la tún ń bi í? Owó obìnrin yìí, mo dì í láti ọjọ́ náà, mi ò tú u."

"Ẹ jẹ́ ká fi ìwé mi sílẹ̀ nígbà náà," mo ní. "Ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá. Ẹ bi ara yín."

Mo yíjú sí Màmá Ìbídàpọ̀, àgbàlagbà tó ń ta epo pupa, tó dàgbà jù nínú wa. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi náírà kan rẹ́ ẹ jẹ. Mo gbé ìdì owó Fàúsátù lé e lẹ́sẹ̀.

"Màmá, irú owó wo nìyí?"

Ó kà á. "Ogún náírà, mẹ́wàá."

"Ẹ bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ta ló mú ogún náírà wá lọ́jọ́ kẹrìnlá?"

Màmá Ìbídàpọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì. Ó ń bi wọ́n, mo sì dé ìwé mọ́ àyà mi, mi ò ṣí i. Obìnrin kan ní náírà mẹ́wàá kan lòun mú wá. Èkejì ní márùn-ún méjì, torí ọkọ òun ló fún òun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó kan Adéfúnkẹ́.

"Náírà mẹ́wàá kan," ló wí. Ó wò mí. "Ó ti ya létí. Ìyá Bọ́lá bá mi jà lórí ẹ̀."

"Ní báyìí, ṣí ìwé," ni Màmá Ìbídàpọ̀ wí.

Mo ṣí i, mo kà á sókè. Kò sí ibi tó yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n sọ. Níwájú orúkọ Adéfúnkẹ́, mo ti kọ ọ́ pé: mẹ́wàá kan, ó ya létí.

Màmá Ìbídàpọ̀ kó owó náà padà sílẹ̀. "Ìyá Láníyì, ẹyẹ wo ló yé ogún náírà sínú owó tí o dì, tí o ò tú?"

 Ìyá Láníyì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó ti wà ní kíká tẹ́lẹ̀.

Wọ́n dá ẹjọ́ náà níbẹ̀. Ìyá Láníyì á san àádọ́jọ náírà tuntun fún Fàúsátù kó tó di Sátidé tó ń bọ̀. Èmi á san àádọ́ta, torí ọwọ́ mi ló fa ìlà. Àwọn kan ní ó pọ̀ jù fún mi. Mo ní kò pọ̀, ẹ jẹ́ kí n san án. Àpò ẹ̀wà méjì tí mò ń pa mọ́ de ọ̀wọ́n ni mo tà lọ́pọ̀ láti fi san án, ó dùn mí wọ egungun, ṣùgbọ́n lójú gbogbo wọn ni mo ti kà á sí Fàúsátù lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ìlọta náà ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin tó fẹ́ tà á. Fàúsátù gbé e lọ lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Láníyì ní kí wọ́n ya ojú ewé náà, kí ìtìjú má baà pẹ́. Mo kọ̀. Mi ò pa ìlà rẹ́, mi ò fi nǹkan bò ó. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Irọ́ ni ìlà yìí. Èmi Mònííkà ni mo fà á lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin nígbà tí owó kò tíì dé ọwọ́ Fàúsátù. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún ló tó gbà á." Mo wá ra páàdì ìtẹ̀ka dúdú kan. Mo sọ fún ẹgbẹ́ pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá gba owó ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ka sí ojú ewé, kí báírò pupa tó jáde. Tí ẹni tó kàn kò bá sí nílé, kí ojú ewé ṣí sílẹ̀ sùn. Kò sí ohun tí yóò pa á.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo bá abọ́ gàrí mi lójú títì. Mo gbé e, mo kọjá sí ẹ̀bá gárééjì, níbi tí àwọn ọkọ̀ Àkúrẹ́ àti Benin ti ń já èrò. Ọjà kò yá níbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mi ò padà lọ bẹ̀bẹ̀.

Ó di ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà. Èmi tí mo gbẹ̀yìn ti gba tèmi ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Bọ́lá sì ti rí owó ilé ìwé. Ìsọ̀ epo Màmá Ìbídàpọ̀ ni a ti ń pàdé báyìí. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, orúkọ Ìyá Láníyì ló sì wà ní ìkíní. A ò mọ̀ bóyá yóò wá. Adéfúnkẹ́ ní tó bá tiẹ̀ wá, ká tì í sẹ́yìn.

"Rárá," mo ní. "Ìkíní ni mo kọ ọ́ sí. Tí mo bá fi ìbínú gbé e kúrò níbẹ̀, irọ́ ni mo tún ń kọ."

Ó wá. Ó san náírà mẹ́wàá tuntun, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó pé, mo ka igba náírà síwájú rẹ̀ lórí ẹní. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti páàdì sọ́dọ̀ rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó gbé e lé ojú ewé. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè sí mi.

"Fa ìlà ẹ," ló wí.

Owó náà ṣì wà lórí ẹní. Mo di báírò pupa mú, mi ò ṣí ìdérí rẹ̀.

"Ẹ kó owó yín sápò ná, Màmá."

 Ìyá Láníyì wò mí, ó wo àwọn obìnrin tó yí wa ká. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kó igba náírà rẹ̀ ní bébà-bébà, ó fi í sínú àpò, ó so ẹnu àpò náà. Ìgbà náà ni mo tó mú rúlà.